Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó níbi ìgbéyàwó ní Sípéènì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ l'Abẹ́òkúta lọ́dún 22 sẹ́yìn fẹ́ gbé ọmọ Sípéènì níyàwó ní Màdírììdì. Wọ́n ní kí n dìde sọ̀rọ̀ lédè Sípáníìṣì kí gbogbo èèyàn tó gbé gíláàsì sókè, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba ni mo gbọ́ nínú èdè náà. Ọ̀rẹ́ mi yìí, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí bàbá mi kú, ó jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sọ nǹkan kan. Báwo ni mo ṣe lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín kí n sì sọ òótọ́ ọkàn mi?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ti kọ ọ̀rọ̀ náà tán láìmọ̀. Ohun tó máa ń ba irú ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ni pé èèyàn á mú àwàdà kan láti ibì kan, á tún lọ mú ìyìn láti ibòmíràn, á wá gán wọn pọ̀. Á ní ọ̀rẹ́ òun fẹ́ràn oúnjẹ jù, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà á ní èèyàn rere ni. Kò sí okùn kankan láàárín méjèèjì, ẹ̀rín náà á sì kú sílẹ̀ kí ìyìn tó dé. Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjì: ẹnu tí kì í dákẹ́ ni wọ́n máa fi rẹ́rìn-ín, ìdákẹ́jẹ́ ẹnu yẹn kan náà ni wọ́n máa fi mọ irú ẹni tó jẹ́. Má fi ìtàn mìíràn kún un. Ìgbà tí ẹ lọ jí máńgòrò, ìgbà tó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Kó o tó mú bírò, mọ orúkọ tí wọ́n á fi pè ọ́ ná. Ibẹ̀ ló ń rú ọ̀pọ̀ ará ilé wa lójú. Ẹni tá à ń pè ní bẹ́sìmáànù níbi ìgbéyàwó tiwa, kò sí ipò rẹ̀ nínú àṣà Sípéènì. Bó o bá wo ìwé atúmọ̀ èdè, yóò sọ fún ọ pé "padrino" ni. Ní Sípéènì, bàbá ìyàwó ló sábà máa ń jẹ́ "padrino", ìyá ọkọ sì ni "madrina", òun ló máa mú ọmọ rẹ̀ wọlé. Tó o bá dìde tó o ní ìwọ ni "padrino", ipò bàbá ìyàwó lo gbà yẹn, lójú gbogbo ẹbí rẹ̀. Mo ti wà níbi tó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ọ̀dọ́kùnrin náà kò mọ ohun tó sọ, àmọ́ gbogbo orí ló yí sọ́dọ̀ bàbá àgbà náà, ẹ̀rín tí wọ́n rín kì í ṣe èyí tó wá wá. (Ní Mẹ́síkò, ọ̀tọ̀ ni: "padrino" lè pọ̀ lọ rẹpẹtẹ níbẹ̀, ẹnì kan á gbé bùkátà òrùka, ẹlòmíràn tàwọn nǹkan mìíràn.) Ìwọ, "amigo del novio" ni ọ́, ọ̀rẹ́ ọkọ. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sí ìlà kéékèèké tí ẹnu rẹ lè gbé. Bẹ̀rẹ̀ báyìí:

"Buenas tardes a todos. Soy amigo del novio desde hace veintidós años. En veintidós años, solo lo he visto callado dos veces."

Ìyẹn ni pé: ẹ kú ọ̀sán o, gbogbo yín, ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ni mí láti ọdún 22 sẹ́yìn, nínú ọdún 22 yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rí i tó dákẹ́. Ibí ni wọ́n ti máa rẹ́rìn-ín, torí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀ tí kò tíì gbọ́ ẹnu rẹ̀. Fi díẹ̀ sí i:

"Habla cuando come. Habla cuando duerme."

Ó ń sọ̀rọ̀ tó bá ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀ tó bá ń sùn. Dúró. Jẹ́ kí ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀ pátápátá. Tó o bá kánjú wọ ìlà tó kàn, ọ̀rọ̀ ikú bàbá rẹ á bọ́ sáàárín ẹ̀rín, ojú á ti àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ìwọ náà ò sì ní lè bá a lọ. Mí ẹ̀ẹ̀mejì, kó o tó ní:

"La primera, cuando murió mi padre. Vino a mi casa y se sentó a mi lado. Esa noche no habló."

Àkọ́kọ́ ni ìgbà tí bàbá mi kú. Ó wá sílé mi, ó jókòó ti ẹ̀gbẹ́ mi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sọ̀rọ̀. Má ṣàlàyé kankan lé e. Wọn ò nílò kó o sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni.

Wàyí o, yíjú sí ìyàwó, òun nìkan, kó o sọ ìgbà kejì:

"La segunda, cuando me llamó para hablarme de ti. No le salían las palabras."

Ìkejì ni ìgbà tó pè mí láti sọ̀rọ̀ rẹ fún mi, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìwọ nìkan lo mọ̀ bóyá bó ṣe rí nìyẹn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wá ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dárúkọ ọmọbìnrin náà fún ọ, torí ọkọ ìyàwó wà ní ìjókòó, yóò mọ̀ bí o bá parọ́.

Ìparí rẹ̀ ni:

"Te quiero, hermano. Que seáis muy felices. ¡Por los novios!"

Mo mọ̀ pé "te quiero" lè kọ́ ọ lẹ́nu. Lédè wa, ọkùnrin kì í dìde láàárín èrò kó sọ fún ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ọ̀rẹ́ ń sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, ìyá ń sọ ọ́ fún ọmọ. "Te amo" ni kó o yẹra fún, èyí tí olólùfẹ́ máa ń sọ fún ara wọn.

Àdúrà tó tẹ̀lé e yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù bó o ṣe rò lọ. "Que" tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí "kí" ń ṣe nínú àdúrà tiwa: kí inú yín máa dùn gidigidi. "Seáis" ni èyí tí wọ́n ń lò ní Màdírììdì fún èèyàn méjì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni. Tó bá jẹ́ Mẹ́síkò ni, "sean" lo máa sọ. Má retí àmín o. Gíláàsì ni wọ́n máa gbé sókè dáhùn, ẹnì kan lè pariwo "¡Vivan los novios!" láti ẹ̀yìn, gbogbo wọn á sì gbè é pé "¡Vivan!"

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Mo ti ń kà á sókè. Ìyàwó mi ní mo ń pè é bíi Yorùbá. Ṣé ìyẹn burú?

Ìdáhùn: Ibi púpọ̀ wà tó jẹ́ pé ó dára bẹ́ẹ̀. Bí B ni wọ́n ṣe ń pe V, nítorí náà "nóbíos" tó ń jáde lẹ́nu rẹ fún "novios" gún régé. Wọn kì í pe H rárá, àyàfi tí C bá ṣáájú rẹ̀ bíi ti "noche". Ọ̀rọ̀ méjì péré ni kó o ṣọ́ra fún.

Àkọ́kọ́ ni "años", ọdún. Ñ tó ní àmì lórí kì í ṣe N lásán. Tó o bá pè é bíi N, ihò ìdí lo dárúkọ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì gédégbé, níwájú àna ọ̀rẹ́ rẹ. Ìró náà wà lẹ́nu rẹ tẹ́lẹ̀: bí Y ṣe ń gba imú kọjá nínú "iyán" ni kó o ṣe pè é.

Ìkejì ni "habló". Èdè wọn kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa, àmọ́ wọ́n máa ń tẹ síláàbù kan ju ìyókù lọ, ibi tí wọ́n bá tẹ̀ sì lè yí ìtumọ̀ padà. "Hablo", tí wọ́n bá tẹ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, "mo ń sọ̀rọ̀" ni. "Habló", tí wọ́n bá tẹ ìparí rẹ̀, "ó sọ̀rọ̀" ni. Wo ìlà tó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ dúró: "Esa noche no habló." Bó o bá tẹ ìbẹ̀rẹ̀, o ti sọ pé ìwọ ni o kì í sọ̀rọ̀. Fi ohùn òkè sórí "bló" yẹn gan-an bí ìgbà tó ò ń pe "ìró", kí "ha" wà nísàlẹ̀. Ọmọ Yorùbá kì í ṣì í mọ́ tó bá ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Kà á sínú fóònù rẹ, kó o gbọ́ ara rẹ. Bó o bá kà á láìsáré, kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ. Pẹ̀lú ẹ̀rín àti ìdúró, bóyá méjì. Má fi nǹkan kún un nítorí pé ó kúrú. Wọn kì í retí ọ̀rọ̀ gígùn níbẹ̀, oúnjẹ sì ń tutù.

Ìbéèrè: Mi ò mu ọtí. Ṣé kí n gbé omi? Ìyá ọ̀rẹ́ mi náà ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, wọn ò gbọ́ Sípáníìṣì kankan.

Ìdáhùn: Má gbé omi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé àmì burúkú ni kéèyàn fi omi kí tọkọtaya, àwọn àgbàlagbà á sì rí i. Ní kí wọ́n bu "mosto" fún ọ, omi èso àjàrà tí kò tíì di ọtí. Ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, kò sì ní sí ẹni tó máa bi ọ́ léèrè.

Ní ti màmá, rántí pé àwọn ni "madrina" ọjọ́ náà, ẹni ńlá ni wọ́n níbẹ̀. Kó o tó sọ "¡Por los novios!", dákẹ́ díẹ̀, yíjú sí wọn, kó o sọ ọ́ ní Yorùbá ketekete: "Mọ̀mí, ẹ kú oríire ọmọ. Ọmọ yín ò jẹ́ kí n dá ṣọ̀fọ̀ bàbá mi." Má túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó kù. Wọ́n á rí ojú màmá. Lẹ́yìn náà, gbé gíláàsì rẹ sókè.