Yọ̀ Ni, Kì Í Ṣe Yó: Ọ̀rọ̀ Lórí Káàdì Ìsọmọlórúkọ

Oníbàárà kan tún fi ọ̀rọ̀ káàdì ìsọmọlórúkọ ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìlà tó gbẹ̀yìn kà báyìí: "E wa ba wa yo." Mo bi í pé ṣé kí àlejò wá bá wọn yọ̀ ni, àbí kí wọ́n wá bá wọn yó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni ò ní mọ̀?" Mo ní èmi ni. Òótọ́ ni pé àlejò ò gbọdọ̀ kúrò níbi ìkómọ láìyó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ alásè nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ káàdì.

Ṣómólú ni mo ti ń tẹ̀wé. Ọ̀rọ̀ pépà, àwọ̀ àti ìwọ̀n káàdì, atẹ̀wé tó bá gbọ́n á bá yín sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Àmì orí ọ̀rọ̀ ni ẹjọ́ mi. Àwọn ọmọ tó ń fi fóònù ṣe káàdì kíákíá máa ń sọ fún oníbàárà pé àmì ń ba ẹwà káàdì jẹ́. Irọ́ ni. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sí i ni, wọ́n sì ń ta àìmọ̀ wọn fún yín bí ẹni ta oge.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Nínú kọ̀ǹpútà, ọ jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tó ní ààyè tirẹ̀, lẹ́tà ó náà sì ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ́, tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀, kò ní ààyè kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ọ la máa kọ́kọ́ kọ, ká tó wá gbé àmì òkè lé e lórí. Fọ́ńtì tó bá mọ iṣẹ́ á gbé àmì náà síbi tó yẹ ẹ́. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n, àmì á fò lọ sórí lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo kékeré kan jókòó síbi tó yẹ kí lẹ́tà wà. Àwọn fọ́ńtì oníjó tí ẹ fẹ́ràn yẹn, tí ìrù lẹ́tà wọn ń lọ́ bí ìtàkùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ ọ́n rárá. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fi ń dán fọ́ńtì wò: "ẹ̀ṣọ́ ọ̀ṣọ́". Bó bá kọ ọ́ tó mọ́, mo gbà á. Bí kò bá mọ́, ibi tí òdòdó wà ni kó máa ṣe oge lọ, kó má dé ìdí ọ̀rọ̀. Noto Serif, Gentium àti Charis SIL kì í já mi kulẹ̀.

Fọ́ńtì tó dára lórí kọ̀ǹpútà yín sì lè má sí lórí ti atẹ̀wé. Bí ẹ bá gbé fáìlì lọ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á fi fọ́ńtì mìíràn rọ́pò rẹ̀, kò sì ní bi yín. Nínú CorelDRAW, ẹ yan gbogbo ọ̀rọ̀, kí ẹ tẹ Ctrl+Q. Lẹ́tà á di àwòrán, kò sí ẹni tó lè yí i padà mọ́, ẹ̀yin náà ò lè tún un ṣe. Nítorí náà, ẹ ṣe ẹ̀dà kan pamọ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Bí mo ṣe máa ń to káàdì mi nìyí:

Ọmọ tuntun, káàbọ̀ o!

Ìdílé ……… àti ìdílé ………
ń fi ìdùnnú pè yín síbi
ÌSỌMỌLÓRÚKỌ
ọmọ wa tuntun

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá, 2025
Aago mẹ́jọ àárọ̀
Ní ilé wa, ………

Ẹ wá bá wa yọ̀.

Ìlà àkọ́kọ́ yẹn kúrú, ọmọ ló ń kí. Àwọn kan á ní kí n kọ "Àlejò wa, káàbọ̀". Àlejò wo? Ṣé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sáyé ni, àbí ẹni tó ń bọ̀ wá jẹun? Ẹ kí ọmọ lókè, kí ẹ kí àlejò nísàlẹ̀, ẹ má da àwọn méjèèjì pọ̀. Obìnrin kan kó oríkì ìlà mọ́kànlá wá kí n tò ó síbẹ̀. Oríkì náà dùn, ẹnu ìyá àgbà ló yẹ ẹ́. Nígbà tí mo fi máa tò ó tán, aago àti àdírẹ́sì ti kéré tó èèrà. Ọ̀rọ̀ tó gbọdọ̀ tóbi jù ni ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ àti aago ló tẹ̀ lé e. Ẹ na fóònù jìnnà sí ojú bí apá yín ṣe gùn tó. Bí ẹ ò bá rí aago kà, káàdì náà ò tíì ṣe é fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ náà ń da àwọn èèyàn láàmú. Wọ́n bí ọmọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù, bàbá fi mẹ́jọ kún ọ̀kan, ó kọ ọjọ́ kẹsàn-án. Ọjọ́ tí wọ́n bímọ ni Yorùbá ń kà sí ọjọ́ àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ kẹjọ fi ń bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ọjọ́ 8 tó wà lórí káàdì yìí. Bí orúkọ ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ kò bá bá ti ọjọ́ ìbí mu, ẹ ti ṣì í kà.

Ọjọ́ méje péré lẹ ní, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ jẹ́ ká to káàdì sílẹ̀ kí ọmọ tó dé, ká fi ọjọ́ àti aago sílẹ̀ lófìfo. Àwọn kan ò gbà. Wọ́n ní ayé á gbọ́. Ayé wo? Èmi àti kọ̀ǹpútà mi nìkan la wà ní ṣọ́ọ̀bù. Irọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà ni wọ́n á wá sáré dé, iná á ti lọ, wọ́n á wá máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n tó láàánú.

Títò sílẹ̀ ni mo wí o, n kò ní ká tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, bàbá kan wá bá mi nígbà tó ku oṣù kan kí ìyàwó rẹ̀ bí. Àyẹ̀wò ti ní ọkùnrin ni. Ó fẹ́ káàdì 150, aláwọ̀ búlúù, "ọmọkùnrin wa" ní àárín, orúkọ ọmọ nísàlẹ̀ ní àwọ̀ wúrà. Mo ní, "Ẹ kọ 'ọmọ wa', èdè wa ò bèèrè bóyá akọ ni tàbí abo. Ẹ sì fi orúkọ sílẹ̀, torí rẹ̀ gan-an lẹ ṣe ń pe èèyàn." Ó ní atẹ̀wé kan ń wá owó ìtẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Mo tẹ̀ ẹ́, ó sanwó.

Obìnrin ni wọ́n bí. Ẹsẹ̀ ló sì kọ́kọ́ jáde. Ìyá bàbá ọmọ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́: ọmọ ti mú orúkọ bọ̀ láti ọ̀run, Ìgè ni. Bàbá padà wá ní ọjọ́ kẹta, kò jókòó, ó ní kí n tún un tẹ̀, kí n kọ "ọmọ wa". Àádọ́jọ ti àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà lábẹ́ tábìlì mi. Pépà wọn nípọn dáadáa. Ẹ̀yìn wọn ni mo ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó sí.