Ilẹ̀ Tó Jọ Pé Ó Jìn: Bí A Ṣe Ń Dá Ìjábọ́ Ẹ̀tàn Mọ̀ Nínú Kírípítò

Bí iye owó kírípítò kan bá ń lọ tó ń bọ̀ lójú kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ó rí ibi tó máa ń dé nísàlẹ̀ kó tó tún gbérí. Ilẹ̀ nìyẹn. Ibi tó ti ń padà lókè ni àjà. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa lówó ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́ ni ọjọ́ tí owó bá já gba ilẹ̀ náà kọjá. Wọ́n á fi ìpayà tà, nígbà tó bá máa di ọjọ́ kejì, ọjà á ti padà sókè.

Ìdí rẹ̀ ni pé ibì kan náà ni gbogbo ẹni tó rà nítòsí ilẹ̀ máa ń fi àṣẹ sítọ́ọ̀pù lọ́ọ̀sì wọn sí, ìyẹn àṣẹ tó ń tà fúnra rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ 30,000 dọ́là, abẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń kó jọ sí. Ibẹ̀ náà ni ilé pàṣípààrọ̀ ti máa ń fipá ta ọjà àwọn tó yá owó rà. Bí iye owó bá kan ibẹ̀, gbogbo wọn á tà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó fẹ́ ra ọjà púpọ̀ ń wá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo alágbàtà tó gbé ọkọ̀ wá ra igba iṣu ní Ọjà Ọba: bó bá ń rà á díẹ̀díẹ̀, owó iṣu á ti gòkè kó tó dé ìsọ̀ kẹwàá. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ṣú, tí gbogbo ìyálọ́jà ń wá bí wọ́n ṣe máa tètè tà kí wọ́n máa lọ ilé, iye tó bá pè ni yóò fi kún ọkọ̀. Òun là ń pè ní gbígbá ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bítíkọ́ìnì ní oṣù keje ọdún 2021. Láti oṣù karùn-ún ni ilẹ̀ rẹ̀ ti wà ní nǹkan bí 30,000 dọ́là, àjà rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 41,000. Ní ogúnjọ́ oṣù náà, ó já dé nǹkan bí 29,300, ó sì parí ọjọ́ yẹn sí nǹkan bí 29,800, lábẹ́ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ilẹ̀ ti jìn. Lọ́jọ́ kejì, ó parí sí nǹkan bí 32,100. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ó ti kan 40,000.

Kándù ni òpó kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń rí lójú àwòrán ọjà. Ìrù rẹ̀ ń fi ibi tí owó dé hàn, ara rẹ̀ ń fi ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí hàn. Ibi tó parí sí ni kẹ́ ẹ máa wò. Aago UTC ni wọ́n fi ń ka kándù ọjọ́, nítorí náà aago kan òru ló ń parí lọ́dọ̀ wa. Èyí tó jẹ́ ti wákàtí mẹ́rin ń parí ní aago kan, márùn-ún àti mẹ́sàn-án, lọ́sàn-án àti lóru. Kí ó tó parí, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan.

Kẹ́ ẹ tó gbà pé ẹ̀tàn ni ìjábọ́ kan, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ rí nìyí: kándù parí padà sókè ilẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, òpó `Volume`, tó ń fi bí ọjà tí wọ́n tà ṣe pọ̀ tó hàn, ga ju ti àwọn ọjọ́ tó ṣáájú lọ lásìkò ìjábọ́ náà, tí owó bá sì tún sọ̀kalẹ̀ wá kan ilẹ̀, kò já gbà á kọjá mọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni àwọn ènìyàn kì í ní sùúrù fún.

Bí ẹ bá rà ní 32,100, ẹ fi àṣẹ títà sí 29,200, lábẹ́ ibi tí ìrù dé. Àlàfo náà jẹ́ 2,900, ìyẹn bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ní 200 dọ́là, tí kò fẹ́ pàdánù ju 2 dọ́là lọ, kò gbọdọ̀ ra ju nǹkan bí 22 dọ́là lọ. Kó má yá owó kún un o, torí owó àyálò ni wọ́n ń gbá lọ lábẹ́ ilẹ̀.

Ilẹ̀ a sì máa jìn lóòótọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí ilé pàṣípààrọ̀ FTX ń wó lọ, bítíkọ́ìnì já gba 17,600 kọjá, ilẹ̀ tó ti wà láti oṣù kẹfà, ó sì parí sí nǹkan bí 15,900 ní ọjọ́ kẹsàn-án. Lọ́jọ́ kejì ó sáré gòkè kọjá 18,000. Ẹni tó ń wo ìrù nìkan á rà. Ṣùgbọ́n kò lè parí jìnnà sókè ilẹ̀ náà, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ó ti padà sí nǹkan bí 17,000. Kó tó di ọjọ́ kejìlélógún, ó ti já sí nǹkan bí 15,500. Ilẹ̀ tó ti jìn ti di àjà. Bí owó bá gòkè wá kan ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tí kò sì lè dúró lórí rẹ̀ fún kándù ọjọ́ méjì, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá sì ti rà, ẹ tà á kó tó kan àṣẹ yín.