Bí A Ṣe Ń Tún Fáìlì Orí Sáfà Ṣe Láti Ẹ̀pẹ́ Nígbà Tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bá Falẹ̀

Ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, tó fẹ́ yí iye owó ẹja padà lórí wẹ́bsáìtì tí àwọn oníbàárà ń wò, nígbà tí sáfà tó gbé wẹ́bsáìtì náà wà ní London, lè gba ọ̀nà méjì. Ó lè fi SSH, ètò tó ń jẹ́ kí a pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè, wọ sáfà náà, kí ó ṣí ẹ́dítọ̀ tó wà níbẹ̀, kí ó sì máa tẹ iṣẹ́ rẹ̀ láti òkèèrè. Ó sì lè mú fáìlì náà wá sórí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀, kí ó tún un ṣe pẹ̀lú ẹ́dítọ̀ tirẹ̀, kí ó tó dá a padà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń falẹ̀, ọ̀nà kejì ló dára jù, ṣùgbọ́n ó ní ibi méjì tó ti lè fa wàhálà: ìgbà tí a bá ń ṣí ìsopọ̀, àti ìgbà tí a bá ń fi fáìlì pamọ́.

Nínú ọ̀nà àkọ́kọ́, lẹ́tà tí a bá tẹ̀ kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dé sáfà ná, kí ẹ́dítọ̀ ibẹ̀ gbà á, kí ó sì rán ohun tó yẹ kí ojú rí padà. Okùn Glo-1, ọ̀kan lára àwọn okùn abẹ́ òkun tó so Èkó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gùn tó nǹkan bí 9,800 kìlómítà, ìmọ́lẹ̀ inú irú okùn bẹ́ẹ̀ sì ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀ lójú okùn yìí nìkan á tó nǹkan bí 98 mílísẹ́kọ́ńdì, kí a tó fi ti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, ti ọ̀nà láti Ẹ̀pẹ́ dé etíkun Èkó, àti ti inú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún un. Ká ní `ping`, àṣẹ tó ń wọn àkókò yìí, fi hàn pé àlọ àti àbọ̀ kan jẹ́ 300 mílísẹ́kọ́ńdì. Ìyẹn ni pé ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀wé kíákíá á ti kọjá lẹ́tà kan tàbí méjì kí ojú tó rí èyí àkọ́kọ́. Bí ìdì dátà kan bá sọnù lójú ọ̀nà, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí gbogbo lẹ́tà tó tẹ̀lé e ni yóò dúró dè é títí a ó fi tún un rán, tí gbogbo wọn á wá tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí iye dátà tí a lè rà tí yóò mú kí òkun kúrú, ìdí sì nìyí tó fi jẹ́ pé iye àlọ àti àbọ̀ ni ó yẹ kí á máa kà, kí í ṣe bí dátà ṣe pọ̀ tó.

Bí fáìlì bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà ẹni, títẹ̀ kò kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ rárá. Àmọ́ ṣíṣí ìsopọ̀ SSH tuntun ní owó tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà méjèèjì gbọ́dọ̀ kí ara wọn, kí wọ́n sọ irú SSH tí wọ́n ń lò, kí wọ́n fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe bo ọ̀rọ̀ wọn láṣìírí, kí sáfà wá yẹ kọ́kọ́rọ́ oníṣẹ́ wò, kí ó tó gbà á láàyè láti pàṣẹ. Gbogbo èyí máa ń tó nǹkan bí àlọ àti àbọ̀ mẹ́jọ. Bí oníṣẹ́ bá ní kọ́kọ́rọ́ púpọ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, SSH á máa gbé wọn kalẹ̀ fún sáfà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan tí sáfà bá sì kọ̀ á fi àlọ àti àbọ̀ kan kún un. Ní 300 mílísẹ́kọ́ńdì, mẹ́jọ ti di nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì àti ààbọ̀, kí fáìlì kankan tó gbéra. Bí ẹ́dítọ̀ bá sì ń ṣí ìsopọ̀ tuntun nígbàkúgbà tí a bá fi iṣẹ́ pamọ́, a ó máa san owó yìí léraléra.

Ohun tó ń gba ni sílẹ̀ ni pé SSH lè jẹ́ kí ìsopọ̀ kan ṣoṣo wà ní ṣíṣí, kí gbogbo àṣẹ tó bá tẹ̀lé e máa gba inú rẹ̀ kọjá. A ó kọ ọ́ sínú fáìlì `~/.ssh/config` lórí kọ̀ǹpútà tiwa:

```
Host oja
    HostName 203.0.113.20
    User ise
    IdentityFile ~/.ssh/id_ed25519
    IdentitiesOnly yes
    ControlMaster auto
    ControlPath ~/.ssh/cm-%C
    ControlPersist 30m
    ServerAliveInterval 15
    ServerAliveCountMax 3
```

`oja` ni orúkọ tí a fún sáfà náà nínú àwọn àṣẹ wa. `ControlMaster auto` ló ń sọ àṣẹ àkọ́kọ́ di ìsopọ̀ àgbà. `ControlPersist 30m` ló ń mú kí àgbà náà dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí a bá ti lò ó kẹ́yìn, nítorí náà ẹni tó jẹun lọ́sàn-án tó sì padà kò ní tún ṣí i. `IdentitiesOnly yes` kò jẹ́ kí SSH gbé kọ́kọ́rọ́ mìíràn kalẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a dárúkọ.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìṣirò rẹ̀ lórí fáìlì owó ẹja, `iye.php`, tí ó tó 12 kílóbáìtì, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń gbé 30 kílóbáìtì lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fáìlì fúnra rẹ̀ kò lò ju ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí a bá ṣí ìsopọ̀ tuntun, àlọ àti àbọ̀ mẹ́jọ ti ṣíṣí ìsopọ̀ àti nǹkan bí márùn-ún tí ètò tó ń gbé fáìlì nílò fún ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jẹ́ mẹ́tàlá, ìyẹn nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Bí ìsopọ̀ àgbà bá ti wà, márùn-ún nìkan ló kù, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀. Fífún fáìlì tó kéré báyìí pọ̀ kí ó tó lọ kò lè dín ju díẹ̀ lọ, nítorí pé dátà gan-an kọ́ ló ń jẹ àkókò.

Ẹni tó ń lo ẹ́dítọ̀ Vim lè ṣí fáìlì náà tààrà pẹ̀lú `vim scp://oja/ojule/iye.php`. Vim á mú un wá, á jẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ níbí, á sì dá a padà nígbà tí a bá fi `:w` pamọ́ ọ. Ó rọrùn, ó sì yá lórí ìsopọ̀ àgbà. Àmọ́ `scp`, ètò tí Vim fi ń gbé fáìlì náà, máa ń kọ fáìlì tuntun lé orí ti àtijọ́ gan-an. Bí iná bá lọ tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já ní agbedeméjì, fáìlì tó kù lórí sáfà lè jẹ́ ààbọ̀, tí PHP, èdè tí a fi kọ ọ́, kò ní lè kà á, tí oníbàárà tó bá wọ wẹ́bsáìtì á sì bá ojú-ìwé funfun tàbí àṣìṣe. Fún fáìlì tí àwọn ènìyàn ń kà lọ́wọ́lọ́wọ́, ọ̀nà yìí kò ní ààbò tó.

`rsync`, ètò mìíràn tó ń gbé fáìlì, ń ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ó máa ń kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó dé sínú fáìlì onígbà díẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ fi àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀, nínú àpótí kan náà, ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé tán ni yóò wá fi í rọ́pò ti àtijọ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ti àtijọ́ ṣì wà bó ṣe wà. Ó kù kí á rí i pé fáìlì tuntun gan-an kò ní àṣìṣe, nítorí náà a ó rán an lọ pẹ̀lú orúkọ mìíràn, a ó jẹ́ kí PHP yẹ̀ ẹ́ wò lórí sáfà, kí ó tó gba orúkọ tòótọ́:

```
ssh oja sha256sum ojule/iye.php
rsync -tz iye.php oja:ojule/iye-tuntun.php
ssh oja 'php -l ojule/iye-tuntun.php &&
  mv ojule/iye-tuntun.php ojule/iye.php'
```

Ìlà àkọ́kọ́ kò ṣeé fojú kéré. Bí ẹlòmíràn, bóyá ẹnìkejì wa ní Ìkòròdú, bá ti yí fáìlì náà padà láti ìgbà tí a ti mú un wá, `rsync` kò ní bi wá léèrè kankan, yóò kàn tẹ̀ ẹ́ rẹ́ ni. A máa ń tọ́jú nọ́ńbà tí `sha256sum` fún wa lọ́jọ́ tí a mú fáìlì wá, bí èyí tó jáde nísinsìnyí bá yàtọ̀ sí i, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú tuntun wá ná. Tí `php -l` bá rí àṣìṣe, `&&` kò ní jẹ́ kí `mv` ṣẹlẹ̀, ti àtijọ́ ni oníbàárà yóò sì máa rí. Kí á ṣọ́ra tún, kí ibi tí a ń rán fáìlì sí má jẹ́ ìtọ́kasí sí fáìlì mìíràn, nítorí pé ìtọ́kasí náà ni `rsync` tàbí `mv` yóò rọ́pò, tí fáìlì tòótọ́ á sì wà níbi tó wà láìyí padà.

Àwọn kan fẹ́ràn `sshfs`, tó ń mú kí àpótí orí sáfà hàn bí ẹni pé ó wà lórí kọ̀ǹpútà wa. Fún fáìlì kan, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ́dítọ̀ bá fẹ́ wá ọ̀rọ̀ kan nínú fáìlì 400, ó gbọ́dọ̀ béèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ sáfà, bí a bá sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àlọ àti àbọ̀ kan péré, 120 ìṣẹ́jú àáyá ti lọ. Wíwá ọ̀rọ̀ lórí sáfà gan-an, pẹ̀lú `ssh oja grep -rn owo ojule`, sàn ju ìyẹn lọ gidigidi, nítorí èsì nìkan ló ń sọdá òkun. Ọ̀nà yìí náà ni Remote-SSH ti ẹ́dítọ̀ VS Code ń gbà: títẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa, wíwá wà lọ́dọ̀ sáfà, àmọ́ ó nílò àyè lórí sáfà náà, èyí tí sáfà kékeré lè má ní.

Àléébù ìsopọ̀ àgbà máa ń jáde nígbà tí kọ̀ǹpútà bá yí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, bíi kí a kúrò lórí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn. Ìsopọ̀ àtijọ́ ti kú, ṣùgbọ́n àgbà kò tíì mọ̀, gbogbo àṣẹ `ssh oja` á sì máa dúró gbagidi láìsọ ohunkóhun. Pẹ̀lú ètò tí a kọ sókè, ó máa ń béèrè lọ́wọ́ sáfà ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn ìbéèrè mẹ́ta tí kò ní èsì ni yóò gbà pé ó ti parí, ìyẹn nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùndínláàádọ́ta. `ssh -O check oja` lè sọ pé `Master running` síbẹ̀, nítorí ohun tó ń wò ni bóyá ètò náà ṣì wà láàyè lórí kọ̀ǹpútà wa, kì í ṣe bóyá sáfà ń dáhùn. Ẹni tí kò bá lè dúró á tẹ `ssh -O exit oja`, àṣẹ tó tẹ̀lé e á sì ṣí àgbà tuntun. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ́dítọ̀ àti àwọn fèrèsé púpọ̀ ń lo àgbà kan náà tí sáfà bá wá ń kọ̀ wọ́n, a jẹ́ pé ó ti dé iye tí `MaxSessions` gbà lórí sáfà náà, tí í sábà máa ń jẹ́ 10 bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà.