Ẹnu ẹlòmíràn ni kí ó kà á: ibi tí àyẹ̀wò kí-a-tó-fi-ránṣẹ́ ti ṣẹ̀ wá

Àyẹ̀wò méjì ni ẹni tó mọ ìwé kọ máa ń ṣe kí iṣẹ́ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń kà á sókè, ó sì máa ń wò ó bóyá ẹni tó bá kàn gbójú kọjá lórí rẹ̀ yóò rí kókó mú. Orírun wọn ò pa pọ̀, àṣìṣe tí wọ́n sì ń mú yàtọ̀.

Kíkà sókè ni ẹ̀gbọ́n. Nínú ìwé àwọn ará Róòmù àtijọ́, lẹ́tà máa ń tò tẹ̀léra gbọọrọ láìsí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀, ohùn ni òǹkàwé sábà fi ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti parí. Plínì Kékeré, ará Róòmù kan tó gbáyé ní nǹkan bí 100 ọdún lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, máa ń ka iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ kí ó tó jẹ́ kó jáde, á sì tún un ṣe. Nígbà tí ìtẹ̀wé dé Yúróòpù, àwọn ilé ìtẹ̀wé pín iṣẹ́ náà: ẹnì kan ń ka ìwé àfọwọ́kọ sókè, ẹnì kejì ń fi ojú tẹ̀lé ojú ewé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹni méjì ni.

Irú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ́ẹ̀ ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì ará Gẹ̀ẹ́sì kan, gbé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1854, ibẹ̀ náà sì ni Ìwé Ìròyìn ti jáde ní 1859. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣa lẹ́tà onírin ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún lẹ́tà sì di òsì bí ìgbà tí a wo dígí. Ẹni tó ń tò ó kò lè fi bẹ́ẹ̀ rí àṣìṣe àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan wò.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá ló wá fi ìṣòro tirẹ̀ kún un. Ohùn ń yí ìtumọ̀ padà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì fi àmì sí i tí wọ́n bá ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ká ní oníṣòwò àdìrẹ kan ní Ìtòkú kọ ọ́ sí oníbàárà rẹ̀ pé:

"E ku ojo meta ma. A dupe fun oja ti e ra lodun to koja. Aro ti gbowo, eyin naa mo bi nnkan se ri. Igba ti e ni ka pa laro maa wa nile lojo Aje, ki e wa ko o ki aago mejila to lu."

Bí òun fúnra rẹ̀ bá kà á sókè, kò ní rí nǹkan kan. Igba yáàdì, ìyẹn 200, ló wà lọ́kàn rẹ̀, nítorí náà ohùn tó tọ́ ló máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Ibi tí ìwé ti ṣófo, orí rẹ̀ ló ń bá a dí i. Ẹ fún ẹlòmíràn tí kò gbọ́ nípa ọjà náà rí. "Ìgbà tí ẹ ní ká pa láró…" ni yóò bẹ̀rẹ̀, á sì kọsẹ̀ níbi "máa wà nílẹ̀", nítorí gbólóhùn náà kò já síbi kankan. Ìkọsẹ̀ yẹn ni ẹ ń wá. Ibi tí ó bá ti padà sẹ́yìn lọ ka ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi bírò fàlà sí i, ẹ má ṣàlàyé fún un. Bí kò bá sí ẹni nítòsí, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó ń ṣèrànwọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ẹnu ẹlòmíràn.

Àyẹ̀wò kejì kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n sábà máa ń sọ pé ilé iṣẹ́ ìròyìn ló ti wá, nígbà tí wọ́n ń fi wáyà ránṣẹ́, tí iye ọ̀rọ̀ sì ń pinnu owó. Nígbà tí ìròyìn bá pọ̀ ju àyè ojú ewé lọ, ìsàlẹ̀ ni olóòtú ti ń gé e. Akọ̀ròyìn tó bá tọ́jú kókó sí ìparí, ó ti fi lé abẹ́ ọ̀bẹ nìyẹn.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo lẹ́tà Ìtòkú yẹn láti gbólóhùn kẹrin sílẹ̀. Ìkíni àti aró tó gbówó ló kù. Ẹni tó bá wò ó fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá yóò rò pé wọ́n fẹ́ fowó kún ọjà ni. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí a ń gbà sọ̀rọ̀ lójúkojú la fi kọ ọ́, a kí, a ṣe àlàyé, kí a tó bọ́ sórí ohun tó gbé wa wá. Kì í ṣe pé kí a yọ ìkíni kúrò o. Ẹni tó bá kọ̀wé sí oníbàárà àtijọ́ láìkí i, ó ti ṣẹ̀ kí ó tó dé orí ọ̀rọ̀. Kí ìkíni jẹ́ ẹyọ kan, kí kókó tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Àdìrẹ yín, 200 yáàdì, máa ṣetán lọ́jọ́ Ajé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kó o kí aago méjìlá tó lù. Aró ti gbówó, ṣùgbọ́n iye tí a jọ sọ kò yí padà."

Ọ̀rọ̀ pé iye kò yí padà yẹn kò sí nínú ti àkọ́kọ́. Ẹni tí wọ́n fi lẹ́tà náà dán wò ló béèrè pé ṣé owó ti gòkè ni.