Àmọ́ tàbí Ṣùgbọ́n: Fífi Àròkọ Tuntun Wé Ohun Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Ti Kọ Tẹ́lẹ̀

Bí àròkọ kan bá fu olùkọ́ lára pé kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ńláńlá inú rẹ̀ ni ojú sábà máa ń kọ́kọ́ lọ: òwe tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kò pa rí, àkànlò èdè tó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ẹ̀rí yẹn kò lágbára. Ẹni tó gbọ́ òwe lánàá lè lò ó lónìí. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí a kì í rò kí a tó kọ wọ́n, bíi sì, pé, torí, àmọ́, ni ọwọ́ ẹni kì í tètè kọ̀ sílẹ̀.

Ní 1964, Mosteller àti Wallace, àwọn onímọ̀ ìṣirò, tẹ ìwé jáde lórí àròkọ 12 tí wọ́n ń jiyàn lé lórí bóyá Hamilton ló kọ wọ́n tàbí Madison, àwọn olóṣèlú méjì tó ń kọ àròkọ nígbà àríyànjiyàn òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1787 sí 1788. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbèjà, nítorí náà kókó ọ̀rọ̀ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n Hamilton máa ń lo «upon» bí ìgbà mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ 1,000, Madison kì í sì í lò ó tó ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, Madison ni wọ́n sì tọ́ka sí.

Fún olùkọ́, ọ̀rọ̀ méjì tí ìtumọ̀ wọn jọra ló rọrùn jù láti kà: àmọ́ àti ṣùgbọ́n, torí àti nítorí, wípé àti pé. Ẹ kó àròkọ mẹ́rin tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ lójú yín nínú kíláàsì. Èyí tó kọ nílé kò wúlò níbí, torí kò dájú pé òun ló kọ ọ́.

Ká ní ọ̀rọ̀ 500 ló wà nínú àròkọ kọ̀ọ̀kan, tí àmọ́ sì fara hàn nígbà 4, 3, 5 àti 4. Ẹ pín iye yẹn sí iye ọ̀rọ̀ àròkọ náà, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 1,000: 8, 6, 10, 8. Ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n fara hàn lẹ́ẹ̀kan péré nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àròkọ tuntun jẹ́ ọ̀rọ̀ 800. Kò sí àmọ́ kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí márùn-ún ló yẹ ká rí, ká tiẹ̀ fi èyí tó kéré jù nínú ti tẹ́lẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n fara hàn nígbà 8. Ìyẹn yẹ fún àkíyèsí. Ẹ wá wo sì: nínú àwọn ti àtijọ́ ó jẹ́ 12, 18, 10 àti 16 nínú 1,000, nínú tuntun ó jẹ́ 15. Ti tẹ́lẹ̀ fúnra wọn kò dúró lójú kan, nítorí náà ọ̀rọ̀ sì kò lè sọ ohunkóhun fún wa nípa akẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á fi tuntun wé ọ̀kan ṣoṣo nínú ti àtijọ́, wọn kò ní mọ bí akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe máa ń yàtọ̀ sí ara rẹ̀.

Ká tún ní wípé ló kún inú ti àtijọ́, tí tuntun sì jẹ́ pé nìkan. Ẹ má gbára lé èyí púpọ̀. Àwọn olùkọ́ máa ń fa ìlà sábẹ́ wípé. Ó lè jẹ́ pé ó ti gbọ́ ìbáwí, tàbí ẹnì kan bá a tún àròkọ náà kà nílé. Ṣọ̀wọ́n ni ẹni tó ń bá ni tún àṣìṣe ṣe á yí gbogbo àmọ́ padà sí ṣùgbọ́n, torí àmọ́ kì í ṣe àṣìṣe.

Irú àròkọ náà ń dí òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ àmọ́ bá lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mu, ṣùgbọ́n sì máa ń pọ̀ nínú lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀. Lẹ́tà ni kí ẹ fi wé lẹ́tà. Ẹ ka ti àwọn mélòó kan nínú kíláàsì lórí àkòrí kan náà pẹ̀lú: bí ṣùgbọ́n bá gbilẹ̀ nínú ti gbogbo wọn, àkòrí ló fà á. Kí ẹ tó kà, ẹ yọ ìbéèrè tí wọ́n dà kọ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fà yọ látinú ìwé.

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ fi ń wá ọ̀rọ̀, ẹ ṣọ́ra. Ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ ni a lè gbà tẹ ọ́ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀. Ojú kò ní mọ ìyàtọ̀, kọ̀ǹpútà sì lè ní kò sí ṣùgbọ́n níbi tó wà nígbà mẹ́jọ. Àwọn tí kì í fi àmì sí i náà wà. Fún ọ̀rọ̀ 800, bírò pupa àti ojú lásán yá jù.

Ọ̀rọ̀ 800 kéré gan-an fún iṣẹ́ yìí, kò sì sí iye kankan nínú ìkà yìí tó lè dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi. Ohun tó tọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ fún un ní àkòrí tó jọ èyí kó kọ ọ́ nínú kíláàsì fún ìṣẹ́jú 40, kí ẹ sì ka ọ̀rọ̀ kan náà. Bí ṣùgbọ́n bá jáde níbẹ̀ láìsí àmọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló ti yí padà. Bí àmọ́ bá padà dé, ẹ ní kó mú ìwé tó fi kọ́kọ́ lànà àròkọ náà wá, kí ẹ jókòó tì í, kó ṣàlàyé rẹ̀ ní ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan.