Ìpolówó ìṣẹ́jú àáyá 20 kì í ṣe ọ̀rọ̀ 50

Ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè nílùú Ìlọrin mú ìwé ìpolówó wá bá mi, inú rẹ̀ dùn. Ó ti ra àyè ìṣẹ́jú àáyá 20 lórí rédíò, ó sì ti ka ọ̀rọ̀ inú ìwé náà lẹ́yọ lẹ́yọ: 47. "Àádọ́ta ni wọ́n ní ó gbà, mo tún dín mẹ́ta kù." Mo kà á sókè bí màá ṣe kà á lórí afẹ́fẹ́, mo sì fi aago fóònù wọ̀n ọ́n. Ìṣẹ́jú àáyá 27.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin àádọ́ta yẹn ti wá. Wọ́n ń ka nǹkan bí ọ̀rọ̀ 150 ní ìṣẹ́jú kan, ìdá mẹ́ta rẹ̀ sì ni 50. Kò bá Yorùbá mu, nítorí "ra" ọ̀rọ̀ kan ni, "méjìdínlógún" náà ọ̀rọ̀ kan ni, sílébù kan péré sì ni ti àkọ́kọ́, márùn-ún ni ti èkejì. Sílébù ló ń jẹ àkókò. Nígbà tí mo wọn ohùn ara mi, márùn-ún ni mò ń pè dáadáa ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ìpolówó. Kí kálukú wọn tirẹ̀.

Ibi tí ìwé ìyá yìí ti dà á ni nọ́ńbà. Ó kọ ₦18,500, ó kà á sí ọ̀rọ̀ kan. Ẹ pè é síta: ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Sílébù 18 nìyẹn, ó lé ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àbọ̀. Nọ́ńbà fóònù náà, ọ̀rọ̀ kan ló kà á sí. Ẹyọ mọ́kànlá ni, òdo, mẹ́jọ, òdo, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, èèyàn sì gbọ́dọ̀ dánu dúró díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí olùgbọ́ lè rí i kọ. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà gbáko. Nǹkan méjì tó kà sí ọ̀rọ̀ méjì ti gbé ìdajì àyè lọ.

"Ṣé ẹ ò lè sáré kà á ni?" Ìbéèrè yẹn ni gbogbo wọn máa ń bi mí. Nínú ìwé rẹ̀, ó kọ "Aṣọ wa ò wọ́n." Bí mo ṣe sáré kà á, "ò" yẹn wọnú "wa" lọ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ pòórá, ohun tí a sì gbọ́ padà ni "Aṣọ wa wọ́n." Ó fẹ́ san owó láti sọ fún gbogbo ìlú pé ọjà òun wọ́n! Ẹ̀rọ náà ò lè gbà wá. Change Tempo inú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ohùn tí a gbà sílẹ̀ ṣe, lè mú ìṣẹ́jú àáyá 18.9 wá sí 18.5, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Láti 27, àwọn fáwẹ́lì á gé kúrú, ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ á sì dà pọ̀.

Ogún náà gan-an kì í ṣe ogún fún ohùn. Orin ìbẹ̀rẹ̀ gba ìṣẹ́jú àáyá kan, a sì ń fi ààbọ̀ sílẹ̀ nígbẹ̀yìn, torí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ rédíò lè bẹ̀rẹ̀ ìpolówó tó kàn bí 20 bá ti pé. Ohun tó bá ṣẹ́kù ló máa gé dànù, ìparí sì ni nọ́ńbà fóònù sábà máa ń wà. Nítorí náà, 18.5 ni tiwa.

A yọ iye owó kúrò, a sì tún un kọ báyìí:

"Ìyàwó ń bọ̀ lọ́nà! Ẹtù, sányán, àlàárì, a hun ún ní Ìlọrin. Aṣọ wa kò wọ́n. Ẹ wá bá wa nítòsí Ọjà Ọba." Orúkọ ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ lé e, sílébù márùn-ún, lẹ́yìn náà "Ẹ pè wá sórí…" àti nọ́ńbà.

Ẹ fi ìka lu tábìlì fún sílébù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má gbàgbé "ń" àti "ún" tó dá dúró. Láìka nọ́ńbà fóònù, 48 ni, bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Nọ́ńbà gba mẹ́fà, èémí láàárín gbólóhùn gba bíi méjì. Ẹ wo "kò" tí mo dá padà dípò "ò": kọ́ńsónáǹtì yẹn ni kì í jẹ́ kó sọnù.

Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tó 30 yàtọ̀ sí nọ́ńbà, ìyá náà sì ń wò ó bíi pé mo ti jẹ ẹ́ ní ogún ọ̀rọ̀. Mo ní kó dìde dúró, kó kà á fúnra rẹ̀ sókè, kì í ṣe nínú ọkàn, torí ojú máa ń yára ju ẹnu lọ. Mo tẹ aago. Nígbà tó pe nọ́ńbà tó kẹ́yìn, 18.2 ló wà lójú fóònù.