Ibi tí Kàrọ́sẹ́ẹ̀lì Ìtàn Òwò ti Ṣẹ̀ Wá

Àwọn oníṣòwò Yorùbá tó wà ní Àbújá, láti Kubwa títí dé Nyanya, ti sọ ọ́ dàṣà láti máa to àwòrán léra lórí Instagram kí wọ́n lè fi ìtàn bí òwò wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ hàn: ìṣòro ni yóò ṣáájú, oníbàárà àkọ́kọ́ ni yóò kẹ́yìn, ẹni tó ń wò ó yóò sì máa fi ìka fa ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Kàrọ́sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan ní àwọn apolówó ọjà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀. Àwọn mìíràn ń tọ́ka sí àwọn ará Japan tí wọ́n máa ń fi pátákó aláwòrán pìtàn lójú títì láyé àtijọ́ kí wọ́n lè ta súìtì fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìtàn tí àwọn ará Japan ń pa kò kan súìtì tí wọ́n ń tà, nítorí náà n kò rí ohun tó so ó mọ́ tiwa.

Inú ìwé Atọ́ka ni èmi rí gbòǹgbò rẹ̀. Ọdún 1967 ni Atọ́ka bẹ̀rẹ̀, èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ọ́, eré àwọn ẹgbẹ́ òṣèré orí ìtàgé ni wọ́n sì ń yà ní fọ́tò, tí wọ́n ń tò ó sójú ìwé ní ìtẹ̀léra, tí wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré sí i. Níwọ̀n bí ojú ìwé kan kò ti lè gba eré tán, ibi tí fọ́tò ìsàlẹ̀ bá dá ọ̀rọ̀ dúró sí ni yóò mú kí ènìyàn ṣí èyí tó kàn. Ohun tí ìka ń ṣe lójú fóònù lónìí gan-an nìyẹn. Láti 1912 tí ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kano ni àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀ffà ti ń gòkè lọ sí Òkè Ọya, ó sì ṣòro fún mi láti gbà pé ìwé tí wọ́n ń kà nílé kò bá wọn wọ ọkọ̀. Bóyá ọgbọ́n náà tilẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn aláṣọ inú wọn ṣáájú ìwé kankan, nítorí ọlọ́jà tó gbọ́n kì í tú gbogbo ìdì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ti obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ ní Kubwa. Fọ́tò ara rẹ̀ àti orúkọ òwò rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi síwájú, àwọn ènìyàn sì ń kọjá lọ láìfà á. Nígbà tó tún un tò, abọ́ àmàlà kan ló fi ṣáájú, tí ìyanrìn ń tàn lára rẹ̀ níbi tí wọ́n ti bù ú. Àwòrán kejì sọ ìdí rẹ̀: ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n ti sá iṣu náà. Ìkẹta ni iṣu gbígbẹ tó ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun láti Ṣakí, kó lè fojú ara rẹ̀ ṣà á kó tó lọ̀ ọ́.

Ìkẹrin ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, nítorí pé àṣìṣe ló wà níbẹ̀. Ó ti di èlùbọ́ náà sínú ọ̀rá nígbà tí ooru ẹ̀rọ ìlọta ṣì wà lára rẹ̀. Ooru náà di omi nínú ọ̀rá, èlùbọ́ dì ní igun, ó sì bu. Àwòrán náà fi igun ọ̀rá yẹn hàn gbangba, pẹ̀lú àwọn kókó kéékèèké tí kò túká nígbà tó fi ìka fọ́ ọ. Ìkarùn-ún fi hàn bó ṣe ń tẹ́ ẹ sínú àwo fẹ̀ǹfẹ̀ títí yóò fi tutù pátápátá, tí ó ń jọ̀ ọ́ kó tó dì í.

Ní ti oníbàárà àkọ́kọ́, àṣà ọjà wa ti ní òfin tirẹ̀. Ọlọ́jà kì í fẹ́ ta àwìn kí ó tó rí owó gbà láàárọ̀, àwọn mìíràn a sì máa fi owó àkọ́kọ́ náà kan orí tàbí kí wọ́n fi ra ọjà lára. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n tí a fún ní kóńgò kan lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣe oníbàárà. Obìnrin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀: òṣìṣẹ́ ìjọba kan ládùúgbò tó sanwó, tó sì tún padà béèrè, ló fi sí ìkẹfà. Ọ̀rọ̀ tí ẹni náà fi ránṣẹ́ ló sì fi parí ìkeje: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kóńgò méjì ṣì wà?” Kò kọ iye owó sára àwòrán kankan, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó wà lára àwòrán kò ṣeé tún kọ lẹ́yìn tó bá ti jáde, owó èlùbọ́ kì í sì í dúró sójú kan.

Ìyókù ìtàn náà kò gùn. Ní 2015 ni Instagram fún àwọn tó ń sanwó ìpolówó ní kàrọ́sẹ́ẹ̀lì, ní 2017 ó di ti gbogbo ènìyàn pẹ̀lú àwòrán mẹ́wàá, ní 2024 ó di ogún. Oníṣòwò èlùbọ́ wa kò fi ọ̀kan kún méje tirẹ̀.